Nǹkan Kékeré Tó Gbé Yín Wá Láti Ilé

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí Alága, mo kí Bàbá Ìsàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó o. Nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera lónìí, ó rò pé ibà ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì là á yé e, torí mo mọ̀ pé tí mo bá ní ọ̀rọ̀ okó ni, á ní ká sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Ṣé ẹ rí i, ojú là ń pè ní ojú, ẹ̀dọ̀ là ń pè ní ẹ̀dọ̀, tó bá wá dé ìsàlẹ̀ ó di "nǹkan yẹn".

Ọdún 26 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo rí kò kọjá báyìí: ọkùnrin á wọlé, á ní orí ń fọ́ òun, màá yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní rí nǹkan kan, á dúpẹ́, á dìde, tó bá wá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn báyìí á yíjú padà, á rọ ohùn, á ní "Nọ́ọ̀sì, ó tún ku nǹkan kékeré kan." Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kékeré yẹn ló gbé e wá láti ilé. Orí kankan ò fọ́ ọ.

Kí ẹ má baà sọ pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹni ọdún 51 ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dìde, kí n tó ṣẹ́jú á ti rọ̀. Mo ní iṣẹ́ ló ń rẹ̀ mí. Ìyá àwọn ọmọ ò bínú o, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n lọ rí dókítà, ni mo bá jágbe mọ́ ọn, mo ní ṣé kì í ṣe èmi làwọn dókítà ń bi léèrè ni. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni mo fi ń díbọ́n pé mo ti sùn kó má baà fọwọ́ kàn mí. Mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́dọ̀ ìyá kan ní gáréèjì títí tó fi dá mi mọ̀ lórúkọ, ó ti mọ iye ife tí mò ń mu. Èmi náà nìyí tó ń wọn bípí gbogbo ayé láàárọ̀, mi ò wọn tèmi. Ọjọ́ tí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní kí n na apá kó fi mí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n, ó wá ń wò mí lójú. 172 lórí 108. Àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó jẹun, ṣúgà mi jẹ́ 214, bẹ́ẹ̀ 126 sókè ti di àtọ̀gbẹ nìyẹn. Kò sí jẹ̀díjẹ̀dí kankan níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un dìde, kì í ṣe egungun, kì í ṣe agbára orúkọ bàbá ẹni. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ni, ìwọ̀n mìlímítà 1 sí 2, èyí tó ń bọ́ ọkàn máa ń tó 3 sí 4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tànkì lókè ilé ẹ mọ̀ ọ́n, tí ìdọ̀tí bá ń kó sínú páìpù, èyí tó kéré jù ló kọ́kọ́ ń dí, omi á ṣì máa ya nínú ńlá. Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá àti sìgá ló ń kó ìdọ̀tí yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọkàn fi ń kíyè sí ọkùnrin tí tiẹ̀ ò le mọ́, torí ó lè tó ọdún mélòó kan kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ló tàn yẹn. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà níbí, tí ẹnì kan bá fi pílásítà bo iná ọ́ìlì tó ń tàn, tó tún ń wa mọ́tò lọ, kí lẹ máa pè é?

Pílásítà yẹn náà ni oògùn tó ń mú un le tí wọ́n ń tà lójú títì. Mi ò bá fáyágírà jà o, oògùn gidi ni. Oògùn àyà dídùn ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n wá rí i pé ibòmíì ló ń ṣiṣẹ́ sí jù, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1998. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn náítíréètì fún àyà, tó bá gbé e mì, bípí ẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn lè yọrí sí ikú. Ọmọ tó ń tà á lójú títì ò bi yín ní ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo tàmádọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ lè pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ ara yín, oògùn ìrora ni, ó máa ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì. Ẹni tí oògùn bípí ẹ̀ bá ń dà á láàmú nísàlẹ̀, kó sọ fún dókítà kó pààrọ̀ ẹ̀, kó má kàn dá a dúró fúnra ẹ̀.

Àtọ̀sí ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ kápúsù méjì aláwọ̀ méjì tẹ́ ẹ máa ń rà ní kẹ́mísì. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àtọ̀sí ni kò ka irú oògùn yẹn sí mọ́. Wọ́n á lọ sápamọ́, ọyún á dá, ẹ̀yin á ní ó ti lọ. Èyí tí kì í tiẹ̀ ṣe ọyún náà wà, ẹni tó gbé e lè má mọ̀ rárá, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tí wọ́n bá sì tọ́jú yín tẹ́ ẹ ò mú ẹnìkejì dání, inú agbada kan náà lẹ tún ń padà sí. Tẹ́ẹ̀sì kòkòrò éèdì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba, ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí wọ́n ò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kò ní kó o ran ẹnì kan nípa ìbálòpọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 40, kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ tó tó awùsá, tó bá ń wú, ẹ ó máa jí lóru lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìtọ̀ á máa kán tótó. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni jẹjẹrẹ, àmọ́ àwa aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń bá jà jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ọmọ bíbí. Ọdún mẹ́fà, wọ́n á mú ìyàwó káàkiri, wọ́n á máa fún un ní àgbo mu, ìyá ọkọ á ti máa wá ìyàwó kejì, ọkọ ò sì tíì yọ àtọ̀ sínú ike rí kí wọ́n wò ó. Nínú ìdajì àwọn ilé tí ọmọ ò dé, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ò tiẹ̀ dùn yín lára, kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù?

Mo gbé ẹ̀rọ bípí wá, mo gbé ti ṣúgà náà wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀bà kó sọ fún mi, torí oúnjẹ máa ń gbé ṣúgà sókè. Ẹni tó bá sì ní nǹkan kékeré kan tó kù, ẹ má dúró kẹ́ ẹ dé ẹnu ọ̀nà, mo wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ká apá agbádá yẹn sókè, ọ̀dọ̀ yín la ti ń bẹ̀rẹ̀.