Tàìmù-tébù ìwé kíkà mi títí ìdánwò á fi parí

Mo lẹ ẹ́ mọ́ ara wọ́dúróòbù, kí ìwọ náà tí a jọ ń gbé yàrá lè máa bá mi wò ó, tóo bá rí mi tí mò ń tẹ fóònù ní aago 5 àárọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò ní bínú.

Témodainámíìsì: Ọjọ́ Ajé, aago 9. Mẹkáníkà bihéfíọ̀: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Fésì tránsífọmésọ̀n: Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí témò tó dé.

Àkókò: 4:30 sí 6:30 ìdájí, 10 sí 1 ọ̀sán, 8 sí 10 alẹ́ tí iná bá wà. Tí iná ò bá sí, tọ́ọ̀ṣì, mi ò ra bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ mọ́ lóṣù yìí. Ìṣirò ní ìdájí, kíkà lásán ní alẹ́, torí tí mo bá jẹ iyán tán ní alẹ́ orí mi ò ṣírò nǹkan kan mọ́.

ỌSẸ̀ KÌÍNÍ

Ajé àti Ìṣẹ́gun: témò. Òfin kìíní kíá kíá, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńtírópì ni kí n dúró lé, kí n máa rántí Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé: wọ́n dàpọ̀ tán, kò sẹ́ni tó rí i kí wọ́n tún fúnra wọn yà. Lẹ́yìn náà G = H − TS, kí n yọ ọ́ jáde fúnra mi, kí n má kàn há a sórí bíi ti ọdún tó kọjá tí mo há gbogbo fọ́múlà tí wọ́n wá béèrè ìdí, mo jókòó mò ń wo síìlìnì.

Ọjọ́rú: fésì rúùlù. Níbi tí fésì mẹ́ta ti pàdé nínú irin oníǹkan méjì, F = C − P + 1 = 2 − 3 + 1 = 0, ìyẹn ni tẹ́ńpíréṣọ̀ ò fi ní yí padà títí ọ̀kan nínú wọn á fi tán. Gíráàfù Ẹ́líńgámù lálẹ́: ìlà 2C + O₂ = 2CO ń sọ̀kalẹ̀ torí gáàsì kan di méjì.

Ọjọ́bọ̀: mẹ́kì. Dìsìlokéṣọ̀n, Ṣímíìdì, Họ́ọ̀lù-Pẹ́ẹ̀ṣì. Èyí ò ní pẹ́.

Ẹtì: fùrákíṣọ̀, bí irin tó sán ṣe ń kán. K = Yσ√(πa). Tí K_IC bá jẹ́ 50 MPa√m, σ 300 MPa, Y = 1, a, gígùn ibi tó sán, jẹ́ nǹkan bíi 8.8 mm. Àmọ́ mítà ló máa kọ́kọ́ jáde, 0.0088, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pàdánù máàkì, kí n ṣe irú rẹ̀ márùn-ún.

Àbámẹ́ta: aṣọ fífọ̀, ọjà, tó bá di ọ̀sán fàtíìgì àti kíríípù. Kẹ́lífínì o, kì í ṣe sẹ́ńtígíréèdì!

Àìkú: ṣọ́ọ̀ṣì, oorun. Alẹ́, gbogbo fọ́múlà látorí, láìwo ìwé.

ỌSẸ̀ KEJÌ

Fésì ni mo fún ní ọjọ́ tó pọ̀ jù, torí témò ló ń sọ pé nǹkan fẹ́ yí padà, fésì ló ń sọ bó ṣe máa yára tó, ẹni tí témò ò bá yé kò lè mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ajé: níúkíléṣọ̀n, bí fésì tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀, r* àti ΔG*. Kí n ya gíráàfù rẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́gun: irin àti kábọ́ọ̀nù. Páálàìtì ń wá ní 727°C, kábọ́ọ̀nù 0.76%. Irin 0.4%: (0.76 − 0.40)/(0.76 − 0.022), fẹ́ráìtì àkọ́kọ́ jẹ́ bíi 49%, ìyókù páálàìtì. Tí mo bá ń wá ìwọ̀n fésì kan, ìlà apá kejì ni mo ń wọ̀n o, má gbàgbé.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀: TTT, gíráàfù àkókò àti tẹ́ńpíréṣọ̀ tí fésì fi ń yí padà. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe tó bá ti ri àdá gbígbóná sómi náà nìyẹn, kábọ́ọ̀nù ò ráyè rìn, mátẹ́ńsáìtì ló dé, ó le ṣùgbọ́n ó lè kán, ìyẹn ló fi tún ń yá a níná díẹ̀. Béínáìtì, Áfíràmì, ìdá tó ti yí padà f = 1 − exp(−ktⁿ).

Ẹtì: ìbéèrè àtijọ́ mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ.

Àbámẹ́ta: témò nìkan. Àìkú: témò títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí n lọ sùn.

Lẹ́yìn témò: Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú mẹ́kì. Ọjọ́bọ̀ tí mo bá jáde, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìdáhùn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ilé tààrà. Ẹtì sí Ajé, fésì. Ìṣẹ́gun aago 7: rúlà, pẹ́ńsùlù, kalikulétọ̀ pẹ̀lú bátìrì tuntun, kí o sì jọ̀ọ́ jí mi ní 4:30.