Ètò Sáà Yìí fún Ìyá Ìbejì: Ìwé, Náìtì àti Ilé

Ìyá Ìbejì, o ní kí n kọ ètò tó o fi máa pa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iléèwé àti ilé pọ̀ sílẹ̀, kó o lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Òun rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni sáà yín, méjì tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ìdánwò. Má fi ìwé bẹ̀rẹ̀ ètò náà o. Oorun ni kó o kọ́kọ́ wá àyè fún, nítorí inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tá a kọ́ jọ. Èyí tó o bá fi ojú pípọ́n kà, á ti fò lọ kó o tó débi ìdánwò.

Rósítà

Kí rósítà tó jáde ni kó o ti lọ bá mátírọ́ọ̀nù. Má kàn sọ pé iléèwé ń dà ọ́ láàmú. Ta ni kò ní wàhálà tiẹ̀? Mú àkókò kíláàsì rẹ dání, kó o wí báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ní kíláàsì. Bẹ́ ẹ bá lè fi mí sí náìtì ọjọ́ Ẹtì, Sátidé àti Sọ́ńdè, èmi náà á gba iṣẹ́ ọjọ́ ọdún." Èyí tó o fẹ́ fún wọn yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n fetí sí ọ.

Tíwọ àti ẹnì kan bá pààrọ̀ iṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí mátírọ́ọ̀nù sì buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ tí wọ́ọ̀dù bá kún, orúkọ tó wà lórí rósítà ni wọ́n máa pè.

Mọ́ńdè, lẹ́yìn náìtì

Ọjọ́ yìí ló ń ba gbogbo ọ̀sẹ̀ jẹ́, torí náà jẹ́ ká tò ó dáadáa. Obì tẹ́ ẹ máa ń jẹ ní wọ́ọ̀dù, má fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn aago méjì òru. Kaféènì inú rẹ̀ kì í tètè kúrò lára: lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì ṣì wà níbẹ̀. Tó o bá jáde ní Sùúrùlérè laago mẹ́jọ àárọ̀, wọ jígí dúdú, kí oòrùn má bàa sọ fún ara pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Nínú dáńfó, sọ fún kọ̀ńdọ́ pé Mile 2 lo ti máa sọ̀, kí oorun má bàa gbé ọ kọjá.

Délé, wẹ̀, jẹun díẹ̀, fa kọ́tìnnì dúdú, gbé fóònù sí pálọ̀. Aago mẹ́wàá sí méjì, sùn. Má fọwọ́ kan ìwé títí di aago márùn-ún, káàdì ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan ni kó o sì wò. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, kó o ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìwé kíkà

Wẹ́sídeè ni ọjọ́ ìwé gidi. Tí àwọn ìbejì bá ti lọ síléèwé, jókòó láti mẹ́sàn-án sí méjìlá, kó o sì fi ìṣirò ìwádìí ṣáájú, torí òun lò ń sá fún.

Reluwé tó o máa ń wọ̀ lọ kíláàsì, láti Mile 2 sí Marina, kò gùn, káàdì ló yẹ ẹ́. Kọ ìbéèrè síwájú, ìdáhùn sẹ́yìn. Bí àpẹẹrẹ, iwájú: "Pọtásíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀?" Ẹ̀yìn: "3.5 sí 5.0 mílímóòlù nínú lítà kan. A kì í fa ògidì rẹ̀ sínú iṣan láé." Dáhùn kó o tó yí i padà. Èyí tó o bá gbà, kó sápá ọ̀tún. Èyí tó o bá kùnà, òun lo máa wò nígbà tó o bá ń padà bọ̀.

Ilé

Má pín "ìrànlọ́wọ́" fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ odindi ni kó o fà lé wọn lọ́wọ́. Bàbá Ìbejì ló ni iṣẹ́ àṣetiléwá àti yúnífọ́ọ̀mù, tí wọ́n bá sì ṣe é lọ́nà tiwọn, má tún un ṣe. Ní ti Màmá, kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, kó o fi ọjọ́ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gba àwọn ọmọ níléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀." Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ọjọ́ ló ń dìjà.

Tọ́sìdeè tó o bá dé láti kíláàsì ni kó o din ata ọ̀sẹ̀. Din ín títí omi á fi gbẹ, tí òróró á lé sókè, torí iná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Aṣọ ẹbí? Ẹyọ kan péré ní sáà yìí. Fi owó ránṣẹ́ sáwọn yòókù, inú wọn á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí nǹkan bá dàrú

Ibà á mú ọmọ, ìyẹn dájú. Ohun tó o máa kọ́kọ́ gé ni àfikún iṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá owó, lẹ́yìn náà ilé gbígbá, lẹ́yìn náà ìwé Wẹ́sídeè. Oorun Mọ́ńdè kọ́, iṣẹ́ ìdánrawò ní wọ́ọ̀dù kọ́. Tó o bá pàdánù iṣẹ́ ìdánrawò, àwọn olùkọ́ ò ní rójú bu ọwọ́ lu ìwé rẹ.

Lífù ọdọọdún rẹ, má fi ọjọ́ kan ṣòfò nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni kó o gbà á fún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó o ti kọ lẹ́tà rẹ̀, torí nọ́ọ̀sì mìíràn ní wọ́ọ̀dù yín náà ń kàwé.