Ìwé Ìbéèrè: Kí Ló Ń Mú Kí Iṣẹ́ Ìkọ́lé Já Kulẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì?

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin ẹnjiníà àti ayàwòrán ilé, ẹ̀yin bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń di irin, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, mo sì ń kàwé gba oyè másítàsì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ìkọ́lé. Lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi, ilé ìgbẹ̀bí kan wà tí wọ́n kọ́ dé líńtẹ́lì tí wọ́n fi sílẹ̀. Irin tó yọ lórí àwọn òpó rẹ̀ ti dípẹtà débi pé bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, yóò máa bó sílẹ̀ bí èèpo iṣu tó ti gbẹ. Títí dòní, ọ̀kadà ni àwọn aboyún àdúgbò náà ń gùn lọ sí Adó. Mo bi èèyàn mẹ́rin léèrè ohun tó pa iṣẹ́ náà. Agbaṣẹ́ṣe ní owó kò wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó wá, agbaṣẹ́ṣe ló ná an síbòmíràn. Bíríkìlà ní àpáta ni wọ́n bá nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọn kò sì fi owó àpáta sínú ìṣirò. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò bá àwọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó yanrìn dé. Mi ò rò pé ẹnì kankan nínú wọn purọ́. Kálukú sọ ibi tí ó dúró sí. Ìdí rèé tí mo fi nílò yín lápapọ̀.

Ìwé 120 ni mò ń pín ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò àti Ọ̀yẹ́. Yóò gbà yín tó ìṣẹ́jú 25. Ẹ má kọ orúkọ yín, ẹ má sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ti ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ kópa. Ìbéèrè tó bá nira fún yín, ẹ fò ó. Bí ó bá sú yín ní àárín, ẹ dá a dúró, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín ní ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ kí a ka ìbéèrè sí yín létí, ẹni tó mú ìwé wá yóò kà á, yóò sì kọ ìdáhùn yín bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu Èkìtì ni ẹ fi sọ ọ́.

Nínú ìwé yìí, bí mo bá ní iṣẹ́ "já kulẹ̀", ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé: wọ́n pa á tì, tàbí ó parí ṣùgbọ́n ó kọjá àkókò tàbí owó tí a fẹnu kò sí lọ́nà tó dun ẹni tó ni ín, tàbí ó parí ṣùgbọ́n kò ṣe é lò, tàbí ó wó.

ÌPÍN KÌÍNÍ: NÍPA YÍN

1. Kí ni iṣẹ́ yín nínú ìkọ́lé? Ẹ fi àmì sí ẹyọ kan.
□ Agbaṣẹ́ṣe □ Ẹnjiníà □ Ayàwòrán ilé □ Olùṣírò owó iṣẹ́ □ Oníṣẹ́ ọwọ́ □ Alábòójútó láti ọ̀dọ̀ ìjọba □ Ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde

2. Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀?
□ Kò tó 5 □ 5 sí 10 □ 11 sí 20 □ Ó ju 20 lọ

3. Èwo nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì ni ẹ ti ṣiṣẹ́ jù? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè yìí.

ÌPÍN KEJÌ: IṢẸ́ KAN ṢOṢO

Ìpín yìí ló jẹ mí lógún jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán ìwé náà wò lọ́wọ́ bíríkìlà mẹ́fà, mo bi wọ́n pé, "Ṣé ìṣètò iṣẹ́ máa ń dára?" Àgbà kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo?" Òótọ́ ló sọ, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nítorí náà, kí ẹ tó dáhùn, ẹ ronú kan iṣẹ́ kan tó já kulẹ̀ tí ẹ fi ojú ara yín rí láti ọdún 2015 wá. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni kí ẹ fi dáhùn ìbéèrè 4 sí 13. Ohun tí wọ́n sọ fún yín nípa rẹ̀ kò tó. Ohun tí ẹ rí ni mo ń wá.

4. Irú iṣẹ́ wo ni?
□ Ilé gbígbé □ Ilé ẹ̀kọ́ □ Ilé ìwòsàn □ Ọjà tàbí ṣọ́ọ̀bù □ Ọ̀nà, afárá tàbí gọ́tà □ Omi ẹ̀rọ □ Òmíràn

5. Ta ló ni owó rẹ̀?
□ Ìjọba àpapọ̀ □ Ìjọba ìpínlẹ̀ □ Ìjọba ìbílẹ̀ □ Ẹgbẹ́ ìlú tàbí ìjọ □ Ẹnì kan

6. Ibo ni iṣẹ́ náà dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣòro?
□ Wọn kò tíì gbẹ́lẹ̀ □ Ìpìlẹ̀ □ Ògiri títí dé líńtẹ́lì □ Dẹ́kìn □ Òrùlé □ Rírẹ́ àti kíkùn □ Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi lé onílé lọ́wọ́

7. Kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni yẹ ilẹ̀ náà wò bóyá àpáta wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí omi?
□ Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i □ Wọ́n ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, n kò rí i □ Rárá □ N kò mọ̀
Bí ó bá jẹ́ pé àpáta ni ẹ bá, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe fọ́ ọ àti ẹni tó san owó rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé yìí ṣófo, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

8. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí wà lójú iṣẹ́ níbi tí oníṣẹ́ ti lè rí i?
□ Bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́ □ Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan □ Kò sí

9. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹni tó ni iṣẹ́ yí ohun tó fẹ́ padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? (Bí àpẹẹrẹ, ó fi yàrá kún un, tàbí ó sọ ilé ilẹ̀ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.)
□ Kò yí i padà □ 1 tàbí 2 □ 3 sí 5 □ Ó ju 5 lọ
Bí ó bá yí i padà, ǹjẹ́ wọ́n kọ owó tuntun sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é? □ Bẹ́ẹ̀ ni □ Rárá

10. Láti ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe fi ìwé gba owó sílẹ̀ títí di ìgbà tí owó dé ọwọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?
□ Kò tó ọjọ́ 30 □ Ọjọ́ 30 sí 60 □ Ọjọ́ 61 sí 180 □ Ó ju ọjọ́ 180 lọ □ Owó kan wà tí kò dé títí di òní
Mo fi ọjọ́ 60 ṣe ààlà nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 lórí gbígbé iṣẹ́ jáde ka owó tó bá ju ọjọ́ 60 lọ sí owó tó pẹ́. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin náà wà fún, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi wọn gbogbo iṣẹ́.

11. Bí iṣẹ́ náà bá wà lọ́wọ́ ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ni wọ́n ṣe sí owó tí wọ́n ti fẹnu kò sí?
□ Wọ́n tún un ṣe □ Wọ́n kọ̀ láti tún un ṣe □ Agbaṣẹ́ṣe dín ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì tàbí irin kù □ Iṣẹ́ dúró □ Kò kan iṣẹ́ yìí
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù láti fi àmì sí ìkẹta. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

12. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré kan níbẹ̀.
Kí ni wọ́n fi wọn yanrìn àti òkúta? □ Àpótí tí wọ́n wọ̀n □ Páànù □ Wílíbárò □ Ojú lásán
Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi bomi rin ín lẹ́yìn náà? □ Wọn kò bomi rin ín □ 1 sí 3 □ 4 sí 6 □ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ
Ta ló dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dà á? □ Ẹnjiníà □ Fọ́máànù □ Onílé □ Kò sí ẹnì kankan

13. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀ níbí, nítorí a sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tó wọ́, kódà bí kò tilẹ̀ dà bí ohun ńlá nígbà náà? Kí sì ni ohun tó wá pa iṣẹ́ náà níkẹyìn? Gbólóhùn kan kan ti tó, sí ẹ̀yìn ìwé.

ÌPÍN KẸTA: ẸRÙ OHUN KỌ̀Ọ̀KAN

Ní báyìí, ẹ kúrò lórí iṣẹ́ kan yẹn. Ẹ fi gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti rí wọn ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ yí nọ́ńbà kan po fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1 ni pé kì í fa ìjákulẹ̀ rárá, 2 ni pé ó máa ń fà á díẹ̀, 3 ni pé ó máa ń fà á níwọ̀n, 4 ni pé ó máa ń fà á gan-an, 5 ni pé òun gan-an ló máa ń pa iṣẹ́.

14. Owó iṣẹ́ kì í tètè jáde. 1 2 3 4 5
15. Wọ́n fi owó tó kéré jù gba iṣẹ́ kí wọ́n lè borí àwọn yòókù. 1 2 3 4 5
16. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. 1 2 3 4 5
17. Owó ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà jẹ nínú owó iṣẹ́. 1 2 3 4 5
18. Agbaṣẹ́ṣe kó owó iṣẹ́ kan lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. 1 2 3 4 5
19. Ìjọba yí padà, ìjọba tuntun kò sì fẹ́ parí ti àná. 1 2 3 4 5
20. Àwòrán àti ìṣirò owó kò bá ilẹ̀ tí wọ́n bá mu. 1 2 3 4 5
21. Ìjà lórí ilẹ̀ láàárín ẹbí tàbí láàárín ìlú méjì. 1 2 3 4 5
22. Ọjà wọ́n lójijì. 1 2 3 4 5
23. Bulọ́ọ̀kù, irin tàbí sìmẹ́ǹtì tí kò dára. 1 2 3 4 5
24. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ yanjú. 1 2 3 4 5
25. Alábòójútó kì í wá sójú iṣẹ́ déédéé. 1 2 3 4 5
26. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ nígbà tí òjò ti wọlé. 1 2 3 4 5
27. Onílé ń yí ọkàn padà. 1 2 3 4 5

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe, mo fẹ́ fi wá RII, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun kan ṣe wúwo tó láàárín àwọn yòókù. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
RII = ΣW / (A × N)
```

ΣW ni àròpọ̀ nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn yí po fún ohun kan, A ni nọ́ńbà tó ga jù, ìyẹn 5, N sì ni iye èèyàn tó dáhùn. Bí èèyàn 10 bá dáhùn, tí 5 nínú wọn mú 5, tí 5 yòókù mú 3, àròpọ̀ jẹ́ 40, ìdáhùn sì jẹ́ 0.80. Màá ṣe é lọ́tọ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, lọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, lọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, kí n lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé àti ibi tí ó ti yà.

ÌPÍN KẸRIN: NÍ Ọ̀RỌ̀ ẸNU YÍN

28. Ìbéèrè 14 sí 27 lè má ka ohun tí ẹ mọ̀ tán. Kí ló ṣẹ́kù?

29. Ẹ ronú kan iṣẹ́ kan tó ti fẹ́ já kulẹ̀ ṣùgbọ́n tó padà parí dáadáa ní Èkìtì. Ta ló ṣe kí ni, tí ó fi yí padà?

Bí ẹ bá parí, ẹ ki ìwé náà sínú àpò lẹ́tà funfun tó bá a wá, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹni tó mú un wá yóò padà wá gbà á ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, 2026, kò sì ní ṣí i. Èmi nìkan ni màá ṣí i.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ kò ní pa yín lára o.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí,
Adó-Èkìtì.