Ìbéèrè fún àṣẹ láti gba fídíò ẹgbẹ́ akọrin adití yín sórí kọ̀ǹpútà, kí a sì fi í han ìjọ ní 27 Oṣù Kẹsàn-án 2026

Arábìnrin Fọlákẹ́, ẹni ọ̀wọ́n,

A kí yín o, a sì kí yín kú iṣẹ́ ribiribi. Orúkọ mi ni Tèmítọ́pẹ́, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ mídíà ìjọ wa, àwa mẹ́fà tí a ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kámẹ́rà àti pirojẹ́kítọ̀ lọ́jọ́ ìsìn. Lórúkọ ẹgbẹ́ náà ni mo fi ń kọ̀wé yìí láti tọrọ àṣẹ ohun méjì lọ́wọ́ yín lórí fídíò tí ẹ gbé sórí YouTube, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin àwọn adití ti ń fi ọwọ́ kọrin: kí ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí kọ̀ǹpútà wa, kí ẹ sì jẹ́ kí a fi apá kan rẹ̀ han ìjọ. A kò tíì gba fídíò náà, a kò sì ní gbà á títí a ó fi rí èsì yín.

Kí ó má baà sí àṣìṣe nípa èyí tí mo ń sọ, mo ti fi àwòrán ojú ìwé fídíò náà há ímeèlì yìí. Gbogbo rẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 23, ṣùgbọ́n láti 6:40 dé 13:15 nìkan ni a fẹ́ lò. Níbẹ̀ ni bàbá tó wà ní ìlà iwájú ti gbé ìkúùkù lé àtẹ́lẹwọ́ kejì, tó sì ń gbé méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù fún ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wo kámẹ́rà rárá, ọwọ́ bàbá yìí ló tẹjú mọ́, ó sì ń tẹ̀ lé e bí òjìji, títí ó fi di ẹsẹ̀ kẹta tí òun pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn ló kọ́kọ́ rí fídíò náà. Nígbà tó fi hàn wá ní ìpàdé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a wò ó, a sì gbàgbé ohun tí a torí rẹ̀ pé jọ.

Láti oṣù kìíní ọdún yìí ni ènìyàn 11 nínú ìjọ wa ti ń kọ́ èdè àmì ọwọ́, nítorí pé àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tí wọ́n ń jókòó ní ìsìn láìmọ ohun tí a ń sọ. Ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún èdè àmì, a sì ti ń ṣe ìrántí rẹ̀ káàkiri ayé láti 2018. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e lọ́dún yìí, 27 Oṣù Kẹsàn-án 2026, ni a fẹ́ fi fídíò yín hàn nínú ìsìn méjèèjì tí a máa ń ṣe, lẹ́ẹ̀kan ní aago mẹ́jọ àti lẹ́ẹ̀kan ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀. Àwọn tó ń wá sí ìsìn méjèèjì lápapọ̀ tó nǹkan bí 400. Ẹnikẹ́ni kò ní san owó kí ó tó wọlé, a kò sì ní gbé igbá ọrẹ sí ìdí fídíò náà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, a kò ní fi í hàn mọ́ láìjẹ́ pé a tún padà wá tọrọ àṣẹ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn ṣí i lórí YouTube kí a sì tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé òfin ìlò YouTube kò fàyè gba kí a máa ti ibẹ̀ ṣe ìwòran fún gbogbo ènìyàn, ìlò ara ẹni ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí kejì jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bí ọgọ́rùn-ún fóònù bá ti so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn kan náà, YouTube á dín kedere àwòrán kù fúnra rẹ̀ kí fídíò má baà dúró. Nígbà tí a dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó já wálẹ̀ sí 360p, àwọn ìka ọwọ́ sì lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìwàásù ni, ojú oníwàásù lè ṣú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì dé etí. Ṣùgbọ́n nínú orin yìí, ìka ọwọ́ ni ohùn, ẹni tí kò bá sì rí ìka kò gbọ́ nǹkan kan. Ti ìpolówó ọjà tó lè já wọlé láàárín orin ńkọ́? Ìyẹn kò tún yẹ ní sísọ.

Nítorí náà, ohun tí ì bá tẹ́ wa lọ́rùn jù ni kí ẹ fi fáìlì tí kámẹ́rà yín gbà gan-an ránṣẹ́ sí wa, bóyá nípasẹ̀ Google Drive. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òfin YouTube kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa wa fídíò jáde láti ibẹ̀ bí YouTube fúnra rẹ̀ kò bá fàyè gbà á, nítorí bẹ́ẹ̀ àṣẹ yín nìkan lè má tó bí a bá lọ lo àwọn ìkànnì tó ń wa fídíò jáde. Èyí tí YouTube sì ń jẹ́ kí àwọn tó ń sanwó oṣù fi pa mọ́ sórí fóònù, inú áàpù wọn ló máa ń wà, a kò lè mú un lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣì ni fídíò yín bí ó tilẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ẹnikẹ́ni tó bá wù yín ní fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ti ìbẹ̀rẹ̀ kò bá sí mọ́, ẹ lè gba ẹ̀dà fídíò yín láti inú YouTube Studio; ó lè má ju 720p lọ, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fídíò lásán, nítorí yóò fún un pọ̀, a ó sì padà sí ọ̀rọ̀ ìka tó lẹ̀ pọ̀. Bí WhatsApp nìkan bá ni ó rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn Document, kò ní bà á jẹ́.

A kò ní gé etí fídíò náà, a kò ní fi ohùn mìíràn bò ó, a kò sì ní yí ìyára rẹ̀ padà. Aṣọ ìwòran wa kò fẹ̀ tó bí a ti ya fídíò yín, a ó wá fi àyè dúdú sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ dípò kí a gé ọwọ́ àwọn tó dúró sí ìkangun ìlà. Nínú àyè dúdú ìsàlẹ̀ yẹn ni a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí ní èdè Yorùbá fún àwọn tí kò mọ àmì ọwọ́, kí ó má baà bo ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn náà ń fẹ́ àṣẹ yín lọ́tọ̀, nítorí ìtumọ̀ ni. Bí ẹ bá gbà, a ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àwọn akọrin yín sọ gan-an.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbéjáde orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a mú fídíò ẹnìkan láìtọrọ, a fi í hàn nínú ìsìn, kámẹ́rà wa sì gbé e jáde tààrà pẹ̀lú ìsìn náà. Oní-fídíò rí iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí ìkànnì wa láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó kọ̀wé sí wa pẹ̀lú ìbínú, ó sì tọ́ sí i kí ó bínú. A yọ ìsìn ọjọ́ náà kúrò, a tọrọ àforíjì, láti ìgbà náà ni a ti fi í ṣe òfin pé a kì í lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìní àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Ní ti fídíò yín, nígbà tí ó bá ń lọ nínú gbọ̀ngàn, àwòrán kan tí kò ní mì àti àkọlé pé a ń padà bọ̀ ni àwọn tó ń wò wá láti ilé yóò rí. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn náà rí i, ẹ sọ ọ́ ní pàtó nínú èsì yín; bí ẹ kò bá mẹ́nu kàn án, a ó gbà pé ẹ kò fẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ro ti àwọn tó wà nínú àwòrán náà pẹ̀lú. Ǹjẹ́ àwọn akọrin mọ̀ pé a lè fi fídíò náà hàn ní ibòmíràn, ǹjẹ́ àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré yẹn sì fọwọ́ sí i? Bí ẹnìkan bá wà tí kò fẹ́, a ó fara mọ́ ọn. Bákan náà, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ orin náà ti pẹ́ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun ni, nítorí ọ̀rúndún 18 ni wọ́n ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n dùùrù tó ń dún lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ohùn dùùrù náà, ẹ júwe ẹni náà fún wa kí a lè lọ bá a. A sì lè fi í hàn láìsí ohùn, bí ẹ bá rí i pé ó bójú mu.

Orúkọ yín àti ti ẹgbẹ́ akọrin náà yóò wà lójú aṣọ ìwòran kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá parí, bí ẹ bá ṣe fẹ́ kí a kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí ó bá ní iye owó tí ẹ máa ń gbà fún irú èyí, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́, kí n lè gbé e fún ìgbìmọ̀ ìjọ ní àkókò. Èmi àti ẹni tó ń tẹ fídíò nìkan ni fáìlì náà yóò wà lọ́wọ́ wa, a ó pa á rẹ́ kí ó tó di 30 Oṣù Kẹsàn-án, èmi yóò sì kọ̀wé sí yín pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá rọrùn fún yín, inú wa yóò dùn láti rí èsì kí ó tó di 28 Oṣù Kẹjọ, nítorí àkọsílẹ̀ ìtumọ̀ yẹn yóò gba àkókò. Bí ẹ bá gbà, ìlà kan ṣoṣo ti tó: pé ẹ fún wa láṣẹ láti fi fídíò náà han ìjọ lọ́jọ́ tí a dá, pẹ̀lú ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ yọ kúrò tàbí fi kún un. Bí ẹ kò bá sì gbà, ẹ kò níláti sọ ìdí rẹ̀. Bí a kò bá gbúròó yín rárá, a ó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí rárá, a ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá wa kí bàbá iwájú yẹn àti ọmọbìnrin kékeré náà.

Tiyín ní tòótọ́,
Tèmítọ́pẹ́
Akọ̀wé, ẹgbẹ́ mídíà ìjọ