Ìwé Ìfilọ̀ Ìfẹ̀yìntì Lẹ́nu Iṣẹ́ Ọba àti Ìbéèrè fún Àwọn Ìwé Owó Ìfẹ̀yìntì

Ọ́fíìsì Ètò Ẹja,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Akọ̀wé Àgbà,
Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn,
Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó,
Aláùsá, Ìkẹjà.

Nípasẹ̀ Olórí Ọ́fíìsì Ètò Ẹja, Ẹ̀pẹ́.

Alàgbà,

ÌFILỌ̀ OṢÙ MẸ́TA LÓRÍ ÌFẸ̀YÌNTÌ MI, ÀTI ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ÌWÉ TÍ A Ó FI ṢÈTÒ OWÓ ÌFẸ̀YÌNTÌ
NỌ́ŃBÀ FÁÌLÌ: 41872

Èmi, Ṣẹrifátù Àbẹ̀kẹ́ Odùṣọgà, Ọ̀gá Àgbà Òṣìṣẹ́ Ètò Ẹja ní ipele 14, ni mo ń fi ìwé yìí fi tó yín létí pé n ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba ní ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 2, ni n ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1990 ni mo wọlé iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tí ó bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1967 ni wọ́n bí mi, n kò tíì pé ọgọ́ta. Ọdún iṣẹ́ ni ó ṣáájú ọjọ́ orí, òun ni mo sì fi ń lọ. Kò sí ẹjọ́ ìbáwí kankan tí ó ń dúró dè mí, mi ò sì jẹ ìjọba ní owó ọkọ̀ tàbí owó ilé. Gbèsè kan ṣoṣo tí ó kù lọ́rùn mi ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òṣìṣẹ́, yóò sì parí pẹ̀lú owó oṣù keje.

Ipele 06 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí OND láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹja tí ó wà ní Victoria Island. Mo ṣiṣẹ́ ní Badagry, mo ṣe díẹ̀ ní Ìkòròdú, mo tún lọ gba HND láàrin rẹ̀. Láti ọdún 2002, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí. Ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọsan, tí a ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ìjọba náà ń fi tirẹ̀ kún un, tí gbogbo rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì olúkúlùkù wa. Èyí tí ó ti wọlé láti ìgbà náà, mo ń rí i lórí àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi fi ń ránṣẹ́. Àmọ́ mo ti ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún àti nǹkan bí oṣù méje kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọdún wọ̀nyẹn kò sí nínú àkáǹtì kankan. Bọ́ǹdì tí Àjọ Owó Ìfẹ̀yìntì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASPEC, yóò ṣírò fún mi ni yóò gbé e wọlé, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀ ni ipele àti owó oṣù tí òṣìṣẹ́ wà ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2007. Bí a bá kọ ipele tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí mo wà lọ sínú ìwé, owó tí yóò bá mi dé ọjọ́ ogbó ni yóò dín.

Ipele 12 ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ìwé ìgbéga tí ó gbé mi dé ibẹ̀ mú ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2006. Òjò ńlá oṣù keje ọdún 2011 wọ ilé wa, ó sì ba ẹ̀dà ti ọwọ́ mi jẹ́. Ọjọ́ àti nọ́ńbà orí rẹ̀ ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti ṣá. Èyí tí ó wà nínú fáìlì mi ní ríjísírì yín ni mo gbójú lé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ẹ̀dà ìwé ìgbéga ọdún 2006 yìí, kí ẹ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí i, kí ẹ sì fi lẹ́tà kan tẹ̀ lé e tí yóò sọ ipele, ìgbésẹ̀ àti owó oṣù mi ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2007. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìwé ìsanwó oṣù náà bá a wá. Bí àwọn ìwé yòókù bá pẹ́ díẹ̀, mo lè fara dà á. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ó yá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo nílò àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ìwé tí ó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ àti ìwé ìgbéga tó gbẹ̀yìn, èyí tí ó mú ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2019. Mo tún ń retí lẹ́tà tí yóò fi hàn pé ẹ ti tẹ́wọ́ gba ìfilọ̀ yìí, fọ́ọ̀mù LASPEC tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, àti ìwé pé mi ò jẹ gbèsè. Iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú owó mi kò ní dá mi lóhùn bí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀ o. Ṣẹrifátù Àbẹ̀kẹ́ Agbájé ni mo ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo ṣègbéyàwó ní ọdún 1995, mo sì yí i padà sí Odùṣọgà. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ojú ìwé ìròyìn tí mo ti kéde rẹ̀ wà nínú fáìlì, mo sì tún so ẹ̀dà wọn mọ́ lẹ́tà yìí. NIN mi, BVN mi àti nọ́ńbà PEN mi, orúkọ kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, létà kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹ jọ̀wọ́, kí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ó kọ dárúkọ méjèèjì, kí ó sì sọ pé ẹnì kan náà ni. Mo mọ obìnrin kan tí a jọ wọṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ orúkọ ilé ọkọ ti dá ìwé rẹ̀ padà léraléra lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kí a yanjú tèmi nígbà tí mo ṣì ń wọ ọ́fíìsì.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń tètè béèrè ni pé mo ní ìpinnu kan láti ṣe. Mo lè ní kí iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú owó mi máa san án fún mi lóṣooṣù, kí èyí tó bá kù lọ́jọ́ tí mo bá kú jẹ́ ti àwọn ọmọ mi. Mo sì lè fi ra owó oṣù títí ọjọ́ ikú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìbánigbófò. Ọkọ mi ti ṣaláìsí. Ìyá mi ṣì wà láyé, ọmọ mi tó kéré jù ṣì wà ní yunifásítì. N kò lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì láìmọ iye tí bọ́ǹdì náà jẹ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́ sọ fún mi bí n ó ṣe máa san owó Ìlera Èkó fúnra mi, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò kò ṣeé dá dúró.

Ní ti ìfàlélọ́wọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù ọ́fíìsì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, òṣùwọ̀n méjì àti ohun tí a fi ń wọn ojú àwọ̀n wà ní pípé. Káàdì ìdánimọ̀ mi yóò tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ìwé orúkọ àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ni ó gba àkókò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ejìnrìn àti Àgbówà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sì ni ọmọ wọn ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ń lọ láti èbúté dé èbúté láti tún un kọ, mo sì ń mú ọmọdékùnrin òṣìṣẹ́ tí ẹ rán sí wa lọ́dún tó kọjá dání. Ó gbọ́n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èmi kò fẹ́ fi ìwé nìkan lé e lọ́wọ́, nítorí kò sí apẹja tí yóò sọ òtítọ́ iye ẹja tó pa fún ẹni tí kò mọ̀.

Mo bẹ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyè mi ṣófo kí ẹ tó rán ẹlòmíràn wá. Àwọ̀n olójú kéékèèké tí ń kó ọmọ epìyà àti ọmọ òbòkún kò tíì tán lójú ọ̀sà. Bí a ti dákẹ́ fún àsìkò kan báyìí, wọ́n á tún gbé e jáde. Àwọn ìyá tí ń tà ní ọjà Olúwò gan-an máa ń ké sí mi bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààrò onípèpele tí ó ti Gánà wá, tí a kọ́ àwọn aláyan. Ó ń jẹ igi díẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àtijọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti gbà á, àmọ́ àwọn abúlé kan ṣì kù tí mo ti ṣèlérí fún, ìlérí ilé-iṣẹ́ wa ni mo sì ṣe. Ó wù mí kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ ẹni tí yóò lè jókòó ti àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́bàá ààrò, kí ó sì gbọ́ tẹnu wọn.

Mo tún tọrọ ìsinmi ọdún yìí tí n kò tíì lò, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, kí n lè fẹsẹ̀ ara mi tọ àwọn ìwé yìí láti Aláùsá dé LASPEC. Ìfàlélọ́wọ́ yóò ti parí kí ó tó di ìgbà náà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti lọ́wọ́ gbogbo ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Ọ́fíìsì Ẹ̀pẹ́ ni ẹ ó ti rí mi títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án. Àdírẹ́sì ilé mi àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ ó máa fi pè mí lẹ́yìn náà wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo so mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ṣ. À. Odùṣọgà
Ọ̀gá Àgbà Òṣìṣẹ́ Ètò Ẹja, Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ohun tí mo so mọ́ ọn: ìwé ìbí, ìwé ìbúra lórí orúkọ àti ojú ìwé ìròyìn, ẹ̀dà ìwé ìgbéga ọdún 2006 tí omi bà jẹ́, àkọsílẹ̀ àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, ìwé NIN, fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì.

Ẹ̀dà sí: Ọ̀gá Ẹ̀ka Ètò Òṣìṣẹ́, Aláùsá, Olùṣírò Owó Ilé-Iṣẹ́, Aláùsá.