Àlàyé àwòrán jọ́mẹ́tírì tí o fi ránṣẹ́ sí mi

Àbúrò mi,

Mo ti wo fọ́tò náà dáadáa. Ìbéèrè náà ní ká wá igun x, y àti z, ká sì sọ bóyá ìlà PS dúró ṣánṣán lórí CD. O ní igun y dà bíi 90° lójú rẹ, o tún gbé irinṣẹ́ tí a fi ń wọn igun lé ojú fóònù, ó fún ọ ní 84°, síbẹ̀ ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu. Jọ̀ọ́, má wọn àwòrán lójú fóònù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ lo dúró sí nígbà tí o ń yà á, ojú ìwé náà sì wú níbi tí wọ́n ti dì í pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà CD fi tẹ̀ bí ọrun lápá ọ̀tún, tí òun àti AB sì fi dà bíi pé wọ́n fẹ́ pàdé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè pé àwòrán náà kò bá ìwọ̀n mu. Ohun tí wọ́n kọ sára àwòrán àti àmì tí wọ́n fi sí i ni kí o gbà gbọ́, kì í ṣe bó ṣe rí lójú.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn àmì náà. AB wà lókè, CD wà nísàlẹ̀. Wo àárín ìlà kọ̀ọ̀kan, wàá rí ọfà kékeré kan lára rẹ̀. Ọfà yìí kò sọ pé ìlà náà ń lọ síbì kan. Ohun tó ń sọ ni pé ìlà méjèèjì jẹ́ párálẹ́lì: bó ti wù kí a fà wọ́n gùn tó, wọn ò ní pàdé láéláé. O ò mẹ́nu kan ọfà yìí rárá nínú iṣẹ́ tí o ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ni kọ́kọ́rọ́ ìbéèrè yìí. Bí a bá pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó lè rí x.

P wà lórí AB. Q àti R wà lórí CD, Q lápá òsì, R lápá ọ̀tún. Ìlà kan gbéra láti Q, ó gba P kọjá, ó dúró sí E lókè AB. Ìlà mìíràn so P mọ́ R. Bí onígun mẹ́ta PQR ṣe jáde nìyẹn. Ìlà tí wọ́n fi tó-tò-tó yà láti P wá sí S, láàárín Q àti R, a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Ibì kan wà tí lẹ́tà ti dà ọ́ láàmú. O kọ ∠PQR níbi tó yẹ kí o kọ ∠QPR. Lẹ́tà tó wà láàárín ló ń sọ ibi tí igun wà. Fi ìka rẹ lé lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́ ọ lọ sí ti àárín, kí o wá yà lọ sí ti ìkẹyìn: ibi tí ìka rẹ ti yà, igun náà nìyẹn. Nítorí náà ∠PQR wà ní Q, òun ni wọ́n pè ní x. ∠QPR wà ní P, òun ni y. z ni ∠EPB, lókè AB.

Nọ́ńbà méjì péré ni wọ́n fún wa. ∠APQ jẹ́ 58°, ìyẹn hàn ketekete. Ti ẹ̀gbẹ́ R, ìyẹn ∠PRD, ni òjìji ọwọ́ rẹ bo iwájú rẹ̀, o sì kà á sí 27°. Kò pọn dandan kí o tún fọ́tò yà kí a tó mọ̀. Q, R àti D wà lórí ìlà gbọọrọ kan, torí náà ∠PRD kò lè tó 180°. Nọ́ńbà tó parí pẹ̀lú 27 tí kò tó 180 kò ju méjì lọ: 27 àti 127. Tó bá jẹ́ 27°, ∠PRQ yóò jẹ́ 153°. Mú 153 yẹn dání ná, ká wá x.

Tẹ̀ lé ọ̀nà yìí pẹ̀lú ìka rẹ: láti A lọ sí P, sọ̀kalẹ̀ sí Q, kí o yà sí R. Lẹ́tà Z lo yà yẹn. Níbi tí AB àti CD bá ti jẹ́ párálẹ́lì, igun méjèèjì inú Z máa ń dọ́gba. Ọ̀kan ni ∠APQ, èkejì ni ∠PQR. Nítorí náà x = 58°.

Padà sí R. Bí ∠PRQ bá jẹ́ 153°, òun àti x nìkan ti di 211°, bẹ́ẹ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta kì í ju 180° lọ. Kò ṣeé ṣe. 127° ni wọ́n kọ. Nígbà náà:

∠PRQ = 180° − 127° = 53°
y = 180° − 58° − 53° = 69°

Kì í ṣe 90°, kì í sì í ṣe 84°.

Mo fẹ́ràn kí o máa yẹ ìdáhùn wò láti ọ̀nà mìíràn, àwòrán yìí sì fún wa láyè. Z kejì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ dorí kọ òdì kejì: láti B lọ sí P, sọ̀kalẹ̀ sí R, yà sí Q. Ó fi hàn pé ∠BPR dọ́gba pẹ̀lú ∠PRQ, ìyẹn 53°. Wàyí o, igun mẹ́ta ló jókòó sí abẹ́ P lórí ìlà gbọọrọ AB: 58°, y àti 53°. 58 + 69 + 53 = 180. Ó pé pérépéré.

z kò le. Ìlà EQ àti ìlà AB gbá ara wọn kọjá ní P, ∠EPB sì dojú kọ ∠APQ ní òdìkejì P. Irú igun bẹ́ẹ̀ máa ń dọ́gba, torí náà z = 58°.

Tí o bá ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kọ ìdí sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan: “igun inú Z, torí AB àti CD jẹ́ párálẹ́lì”, “igun orí ìlà gbọọrọ”, “àròpọ̀ igun onígun mẹ́ta”, “igun tó dojú kọra”. Nọ́ńbà tí kò ní ìdí lè mú kí o pàdánù máàkì bó tilẹ̀ tọ̀nà.

Ó wá ku ìlà PS tí o fi sílẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó dúró ṣánṣán lórí CD. Lójú, o máa búra pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wo inú y: àmì kan náà ni wọ́n fi sí apá méjèèjì PS, èyí tó túmọ̀ sí pé PS pín y sí méjì ọgbọọgba. 69° pín sí méjì jẹ́ 34.5°. Nínú onígun mẹ́ta PQS:

∠PSQ = 180° − 58° − 34.5° = 87.5°

Ó fi 2.5° dín sí 90°. Nítorí náà, rárá ni ìdáhùn, PS kò dúró ṣánṣán lórí CD. Kọ ìṣirò yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí rẹ, má kọ “rárá” nìkan. Lẹ́yìn náà, fúnra rẹ wá ∠PSR láti inú onígun mẹ́ta PSR, kí o sì rò ó pọ̀ mọ́ 87.5° láti mọ̀ bóyá ó pé 180°.