Ẹ Pe Kápítéènì: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Kadẹ́ẹ̀tì Tó Ń Jáde Lónìí

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ti ìdájí jáde nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Apapa má bàa há yín mọ́nà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ̀yin kadẹ́ẹ̀tì 42, mo bá yín yọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ìyá wa lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ó dùn mọ́ mi, torí pé ẹni tó ń dúró de atukọ̀ nílé náà ń bá òkun jà.

Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì sọ yín di ọ̀gá ọkọ̀. Ó kàn gbà yín láyè láti lọ kọ́ṣẹ́ ni. Kí kadẹ́ẹ̀tì dẹ́ẹ̀kì tó lè dá ìṣọ́ gbà, òfin àgbáyé ní kó lo oṣù 12 lójú òkun, ó kéré tán, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ń buwọ́ lù. Nínú rẹ̀, kó lo oṣù 6, ó kéré tán, lẹ́nu ìṣọ́ lórí bìríìjì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lu iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe. Ìbuwọ́lùwé tí ẹ tọrọ lónìí, òkun máa bi yín ní ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tí ẹ máa wo ìwé rẹ̀ kọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹ máa la ẹnu. Ẹni tó ní ìrẹ̀lẹ̀ lójú òkun ni ẹni tó lè sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n," "mi ò tíì ṣe é," "ẹ gòkè wá, sà." Ẹni tó ń tijú láti sọ ọ́ ló ń fi ẹ̀mí gbogbo èèyàn tó ń sùn nísàlẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1987, ọkọ̀ akérò kan tó ń jẹ́ Herald of Free Enterprise kúrò ní Zeebrugge, ó ń lọ sí Dover. Ilẹ̀kùn ńlá iwájú rẹ̀, tí àwọn mọ́tò ń gbà wọlé, ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igbákejì bósìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tì í ti sùn lọ nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀gá tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì rò pé ó ti ń bọ̀ wá tì í. Kápítéènì kò lè rí ilẹ̀kùn náà láti orí bìríìjì, kò sì sí iná tó máa fi hàn án bóyá ó ti tì. Àṣà wọn ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ti sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ dojú dé, èèyàn 193 ṣègbé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ti ilẹ̀kùn, ẹ lọ tì í, ẹ fọwọ́ kan ìdè rẹ̀, kí ẹ wá gbé rédíò, kí ẹ sọ pé: "Ilẹ̀kùn ti tì, mo fọwọ́ kàn án." Bí ẹ ò bá sì rí i tì, ẹ tètè sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, bósìn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, ni olùkọ́ yín. Ó lè má ka ìwé tó yín, kó sì máa fi èdè tí kò já geere bá yín sọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ bá a ha ìpẹtà, ẹ bá a fọ dẹ́ẹ̀kì, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n sábà máa ń fún kadẹ́ẹ̀tì láàárọ̀: wíwọn omi inú táńkì. Ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Ẹ ṣí ìdérí páìpù náà díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ lè ti há sínú rẹ̀. Ẹ nu ọ̀pá idẹ tó wà lẹ́nu téèpù gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ra á kí ojú omi lè hàn lára rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ ka ibi tó tutù dé. Ẹni tó bá ń jù ú gbà sísàlẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi ọ̀pá idẹ lu irin tó wà nídìí páìpù náà. Lọ́jọ́ kan, irin yẹn á lu. Bí ẹ bá ka nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí ti àná, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá tún yàtọ̀, ẹ lọ sọ fún ṣíìfù méètì, igbákejì kápítéènì, kí ẹ tó jẹun. Kí ẹ sì dé ìdérí náà padà kó le dáadáa. Ìgbì tó bá gun orí dẹ́ẹ̀kì lè gba ojú ihò kékeré yẹn kún táńkì láìsí ẹni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà àná ni kadẹ́ẹ̀tì ọ̀lẹ máa ń kọ sílẹ̀.

Nínú ìwé lọ́ọ̀gù, bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo sí i lórí kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. A kì í pa á rẹ́. Ẹ̀yin ti ẹnjìnnì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an níbi ìwé àkọsílẹ̀ epo. Omi ìdí ọkọ̀ tó bá fẹ́ jáde sókun gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò, kí epo inú rẹ̀ má sì kọjá 15 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ so páìpù gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ̀wọ̀n ló ń wá fún yín.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ìṣọ́ òru. Ẹ má gba ìṣọ́ bí ojú yín kò bá tíì mọ́ òkùnkùn lára, èyí sì lè gba nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá wo fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti bà á jẹ́. Ká ní ẹ rí iná pupa lápá ọ̀tún. Ọkọ̀ kan fẹ́ gba iwájú yín kọjá nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ yà fún un. Ẹ fi kọ́ńpáàsì wo ibi tó wà: 042. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3: 042. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6: 041, iná náà sì ń tóbi sí i. Ibi tẹ́ ẹ ti ń wò ó kò yí padà, ẹ̀ ń sún mọ́ ara yín: ẹ máa pàdé níbì kan náà. Ẹ yà sọ́tùn-ún, kí ẹ yà á kó hàn, dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń yà ní dígírì 5, tó tún dúró, tó tún yà ní dígírì 5, ọkọ̀ kejì kò lè mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ má sì máa fi rédíò dúnàá-dúrà lóru pẹ̀lú ọkọ̀ tí ò dá yín lójú. Ọkọ̀ mìíràn lè dá yín lóhùn.

Ní etíkun tiwa yìí, láti Ghana wá dé Èkó títí dé Bonny, ọkọ̀ ìpẹja onígi pọ̀ tí kò tan iná, rédà ò sì sábà rí igi. Ojú yín ló máa rí wọn. Ọkọ rẹpẹtẹ, bàbá rẹpẹtẹ, ló wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn.

Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ pe kápítéènì. Àṣẹ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ tí ẹ buwọ́ lù: bí CPA, ìyẹn bí ọkọ̀ méjì ṣe máa sún mọ́ ara wọn tó níbi tí wọ́n ti máa sún mọ́ra jù, bá kéré sí iye báyìí, bí kùrukùru bá mú kí ojú má ríran ju ibi báyìí lọ, kí ẹ pe òun. Ẹ pè é nígbà tí àyè ṣì wà fún un láti wọ bàtà, láti gun àtẹ̀gùn, kí òkùnkùn sì mọ́ ojú òun náà lára. Bó bá fìbínú sọ pé kí ló dé tẹ́ ẹ jí òun, ẹ ní "ẹ má bínú, sà," kí ẹ tún pè é lọ́la. Abéèrè kì í ṣìnà. Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé: kápítéènì tó wọlé kò tíì gba ìṣọ́. Ọwọ́ yín ni ọkọ̀ ṣì wà títí yóò fi la ẹnu sọ pé òun ti gbà á. Ìgbà tí ẹni méjì bá rò pé ẹnìkejì ló ń tọ́kọ̀, kò sí ẹni tó ń tọ́ ọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá rí ọ̀rẹ́ yín tó ṣubú sínú táńkì tàbí inú ihò ṣéènì ìdákọ̀ró, ẹ má wọlé tọ̀ ọ́. Irin tó ń dípẹtà ń jẹ ọ́síjìn inú ibi tí wọ́n dé pa, pákó àti èédú náà ń jẹ ẹ́. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Nǹkan bí 21 nínú 100 ló yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ẹni kìíní ṣubú, ẹnìkejì sáré wọlé torí ìfẹ́, ó ṣubú lé e, ẹnìkẹta tẹ̀ lé wọn. Ohun tí ìfẹ́ ń béèrè níbẹ̀ ni kí ẹ fọn aago, kí ẹ pe bìríìjì, kí ẹ dúró de àwọn tó gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Ìbòmú lásán kò lè ṣẹ̀dá ọ́síjìn tí kò sí. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ irú ibẹ̀ láti ṣiṣẹ́, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ìwé àṣẹ wà, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ihò, kó má sì kúrò níbẹ̀ fún ohunkóhun.

Ìgbé ayé inú ọkọ̀ ńkọ́? Òkun máa kọ́kọ́ mú kí èébì máa gbé yín. Ẹ jẹ bísíkíìtì gbígbẹ, ẹ máa mumi díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró síta kí ẹ máa wo ibi tí ojú ọ̀run ti kan òkun. Ẹ sùn nígbà tí àyè bá wà: òfin ní wákàtí 10 nínú 24 ni ìsinmi yín, 77 láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má kọ irọ́ sínú ìwé ìsinmi láti wu ẹnikẹ́ni. Ẹ má gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní èbúté, ì báà ṣe ọmọ ìyá yín, láìtú u wò níṣojú ọ̀gá.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Èkó, ẹ máa wá àwọn tó sá pamọ́, títí dé ihò orí ìtọ́kọ̀, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọkùnrin mẹ́ta jókòó sórí ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ epo kan láti Èkó dé Las Palmas, ọjọ́ 11, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ọmọ èèyàn ni wọ́n. Bí ẹ bá bá irú wọn lójú òkun, ẹ fún wọn lómi, oúnjẹ àti aṣọ, ẹ sọ fún kápítéènì. Ẹni tó bá ní kí ẹ dá wọn padà sómi, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá láìgbọ́ ohùn ọmọ yín, ẹ má ro ibi. Ọkọ̀ lè wà láàárín òkun níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ gba orúkọ ọkọ̀ náà àti nọ́ńbà ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ni ín kó tó wọlé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ilé mọ̀. Bí ìròyìn tó wúwo bá sì wà nílé, ọ́fíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí kápítéènì lè sọ ọ́ fún un lẹ́yìn tó bá kúrò lẹ́nu ìṣọ́.

Ó yá, ẹ̀yin kadẹ́ẹ̀tì, ẹ dìde dúró, ẹ yíjú sẹ́yìn, kí àwọn ìyá yín rí yín dáadáa.